Kẹrosíìnì Wọ́n, Èédú Tà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjà Arọ́pò àti Ọjà Alábàárìn

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka ní Ìsẹ́yìn)



Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn méjì tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú síra wọn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń ta èédú, ó ń ta á ní àpò, ó sì ń ta á ní ọ̀rá kéékèèké. Èkejì ń tún sítóòfù ṣe, ó sì ń ta òwú rẹ̀. Ní ọdún 2022, kẹrosíìnì ń gbówó lórí léraléra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kan lé owó èédú, kò sì sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kan lé owó òwú sítóòfù. Síbẹ̀, ẹni tó ń ta èédú kò ráyè jókòó mọ́, ẹni tó ń tún sítóòfù ṣe sì wà lórí àga rẹ̀ tó ń tòògbé. Owó ọjà kan ṣoṣo ló yí padà, àti pé àwọn méjèèjì kì í ta ọjà náà. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ènìyàn kì í ra kẹrosíìnì nítorí kẹrosíìnì. Ọbẹ̀ tó jiná ló ń wá. Ohunkóhun tó bá lè bá a se ọbẹ̀ náà láìsí kẹrosíìnì, ọjà arọ́pò ni, bí èédú, gáàsì àti igi ìdáná. Ohunkóhun tí kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ bá rìn kí ọbẹ̀ tó lè jiná, ọjà alábàárìn ni, bí sítóòfù àti òwú rẹ̀. Bí owó ọjà kan bá gòkè, àwọn ènìyàn a máa sá lọ sí ọ̀dọ̀ arọ́pò rẹ̀, wọn a sì máa sá fún alábàárìn rẹ̀. Bí owó náà bá wálẹ̀, ọ̀rọ̀ a yí padà: arọ́pò a pàdánù, alábàárìn a jèrè.

Títí dé ibí yìí, gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í sábà wò dáadáa ni ìdí tí àwọn ènìyàn kan fi ń sá lọ sí ọ̀dọ̀ arọ́pò kan tí wọn kò sì lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì náà ló pọ́n wọn lówó jù. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gbé mi wá síwájú yín lónìí, nítorí òun ló ti igi ayìn àti igi emi ti ilẹ̀ Òkè-Ògùn wa sínú iná.

Ẹ jẹ́ ká wo iye owó rẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye tí wọ́n ń ta ọjà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ní oṣù kìíní ọdún 2022, lítà kẹrosíìnì kan jẹ́ bíi ₦440. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 2023, ó ti lé ní ₦1,150. Ní àkókò kan náà, gáàsì kílò márùn-ún kúrò ní bíi ₦3,660 ó di bíi ₦4,590. Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì gòkè, ṣùgbọ́n wọn kò gòkè bákan náà. Kẹrosíìnì fi ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ lọ. Gáàsì fi bí ìdá mẹ́rin kan ṣoṣo kún tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò lè gbé lítà ka iwájú kílò kí a máa fi wọ́n wé ara wọn bẹ́ẹ̀. Ìdáná ni kí á fi wé ìdáná. Gáàsì máa ń mú ju kẹrosíìnì lọ, iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò lábẹ́ ìkòkò. Bí a bá ṣírò rẹ̀ wẹ́rẹ́, kílò gáàsì kan yóò se oúnjẹ tí bíi lítà kẹrosíìnì kan ààbọ̀ yóò sè, ó tilẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, oúnjẹ tí ẹni tó ń lo gáàsì fi ₦730 sè, bíi ₦660 ni ẹni tó ń lo kẹrosíìnì fi sè é. Kò sí ìyàtọ̀ tó lè mú ènìyàn kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ibi tó wà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, oúnjẹ kan náà di bíi ₦920 lọ́wọ́ ẹni tó ń lo gáàsì, ó sì di ₦1,725 lọ́wọ́ ẹni tó ń lo kẹrosíìnì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Ẹ wá sọ fún mi: bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe gbogbo ilé tó ń lo kẹrosíìnì ló yẹ kí ó bọ́ sídìí gáàsì lọ́jọ́ kan náà? Wọn kò bọ́ síbẹ̀. Àwọn kan lọ, pàápàá àwọn tó ń gba owó oṣù tó dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kù, ìdí èédú ni wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ èédú ń fi eruku kùn wọ́n lójú, ó ń mú ìkòkò dúdú, ó sì ń fẹ́ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ kó máa fẹ́ ẹ.

Alábàárìn gáàsì ló dí wọn lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ se oúnjẹ pẹ̀lú gáàsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra sílíńdà, kó ra ojú iná, kó ra rọ́bà tó so wọ́n pọ̀ àti ẹnu rẹ̀ tó ń dín agbára gáàsì kù. Owó gbogbo nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tó di pé ó ra gáàsì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fẹ́ rọ ohun tó kéré ju kílò kan tàbí méjì fún un. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó owó yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti èédú ńkọ́? Àdògán tí alágbẹ̀dẹ fi páànù rọ, owó díẹ̀ ni. Èédú fúnra rẹ̀, ènìyàn lè ra ti oúnjẹ alẹ́ kan péré nínú ọ̀rá. Lórí ìṣirò oṣù kan, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń ra èédú ní ọ̀rá-ọ̀rá ná owó ju ẹni tó ń lo gáàsì lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní owó oṣù kan lọ́wọ́?

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọjà kan jẹ́ arọ́pò fún òmíràn, ẹ béèrè alábàárìn arọ́pò náà, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ilẹ̀kùn tí ènìyàn yóò gbà wọlé sí ọ̀dọ̀ arọ́pò nìyẹn. Bí ilẹ̀kùn náà bá ga, owó ọjà àkọ́kọ́ lè gòkè títí, àwọn ènìyàn yóò dúró síbẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà tí wọ́n ń tà ní ₦185 ní Èkó ti di ₦488 ní ilé epo ti iléeṣẹ́ epo ìjọba. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ó ti di ₦617 ní Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí àwọn ọkọ̀ máa lo gáàsì tí wọ́n fún sínú àgbá dípò bẹntiróòlù. Arọ́pò gidi ni gáàsì yìí, ó sì pọ́n owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Ṣakí sí Ìbàdàn yóò béèrè ohun méjì kí ó tó ronú rẹ̀: ta ni yóò sanwó àgbá àti iṣẹ́ tí wọn yóò fi dè é mọ́ ọkọ̀, ibo sì ni òun yóò ti rí i rọ bí ó bá tán lójú ọ̀nà? Ibùdó ìrọgáàsì náà, alábàárìn ni. Bí kò bá sí lójú ọ̀nà rẹ, bí ẹni pé owó rẹ̀ ga débi tí kò sí ẹni tó lè san án ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí èédú, nítorí ibẹ̀ ni a ti lè kọ́ bí a ṣe ń wọn nǹkan yìí. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé, "Kẹrosíìnì wọ́n, èédú wá tà." Ó tà tó mélòó? Ẹ jẹ́ ká gbà pé obìnrin kan ń ta èédú nínú ọjà Ṣakí, ó sì ní ìwé tó ń kọ ọjà rẹ̀ sí. Àpẹẹrẹ ni mò ń ṣe o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iye yìí lọ bí ẹ̀rí. Ní ọ̀sẹ̀ tí lítà kẹrosíìnì jẹ́ ₦800, ó ta ogójì àpò. Kẹrosíìnì di ₦1,000, kò fi nǹkan kan lé owó èédú tirẹ̀, ó wá ta àpò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Owó kẹrosíìnì fi 25 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Àpò mẹ́fà tó lé lórí ogójì, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí a bá fi 25 pín 15, a ó rí 0.6. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kẹrosíìnì bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, èédú yóò tà kún un ní ìdá kan tí kò tó odidi, bíi mẹ́fà nínú ìdá mẹ́wàá rẹ̀.

Ní òdìkejì ọ̀nà, ẹni tó ń ta òwú sítóòfù ń ta ọgọ́ta lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí kẹrosíìnì gbówó lórí, ó ta mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Bí a bá fi 25 pín in, a ó rí 0.4, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀. Àmì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sí àmì àyọkúrò, arọ́pò ni àwọn ọjà méjèèjì fún ara wọn. Bí ó bá wà, alábàárìn ni wọ́n. Bí iye náà bá sún mọ́ òdo, kò sí ohun tó da àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan ṣe àwáwí fún owó èkejì.

A kò lè fi ojú lásán mọ àmì yìí nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń da kẹrosíìnì díẹ̀ sórí èédú kí ó lè tètè mú iná. Nínú iṣẹ́ kékeré yẹn, alábàárìn èédú ni kẹrosíìnì. Nínú iṣẹ́ ńlá, arọ́pò rẹ̀ ni. Ìwé ẹni tó ń tajà nìkan ló lè sọ èwo ló borí. Ẹ tún wo ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó máa pe ẹ̀wà ní alábàárìn kẹrosíìnì, ṣùgbọ́n ìkòkò ẹ̀wà lè jókòó sórí iná fún wákàtí méjì. Nígbà tí ohun ìdáná bá wọ́n, ìyàwó ilé a fi ẹ̀wà sílẹ̀, a ro àmàlà tàbí kó tẹ ẹ̀bà. Iye ẹ̀wà lè máà yí padà lọ́jà rárá kí ẹni tó ń tà á máa ṣe kàyéfì pé àwọn oníbàárà òun dà.

Àṣìṣe kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀. Wọn a ní, "Kẹrosíìnì gòkè, èédú náà gòkè, ẹ ò rí i pé àwọn ènìyàn ti sá lọ sídìí èédú." Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀. Láti inú igbó lẹ́bàá Ìgbòho, Kíṣí tàbí Tedé ni èédú ti ń wá, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń gbé e. Ọkọ̀ yẹn ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ bíi ₦290. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti lé ní ₦800. Owó ọkọ̀ nìkan tó láti gbé èédú lówó lórí, bí kò tilẹ̀ sí oníbàárà tuntun kankan.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Ẹ ka àpò. Bí owó èédú bá gòkè tí àpò tó ń tà sì pọ̀ sí i, àwọn tó ń wá a ló pọ̀. Bí owó bá gòkè tí àpò sì dín kù, ìnáwó àtigbé e wá ló wọ́n. Bí àwọn méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ pọ̀, èyí tó sì wọ́pọ̀ nìyẹn, kíka àpò nìkan kò tó. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ra àpò kan nínú igbó, níbi tí wọ́n ti hú u jáde kúrò lábẹ́ erùpẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí owó inú igbó bá dúró tí ti ìlú sì gòkè, awakọ̀ àti dísẹ́ẹ̀lì ló gbà á. Bí owó inú igbó pàápàá bá gòkè, àwọn oníbàárà ti ń bá ara wọn du èédú, àfi bí igi bá ti jìnnà sí àwọn tó ń sun ún.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àkókò. Nígbà òjò, igi tútù, erùpẹ̀ tí wọ́n fi bo iná ń wọmi, ọ̀nà oko kò ṣeé gbà. Èédú a wọ́n láìjẹ́ pé kẹrosíìnì ṣe nǹkan kan. Bákan náà ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sanwó oṣù kò rí bíi ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wé ọjà kó fi oṣù kan wé oṣù kan náà ní ọdún tó kọjá, kó sì wo àpò náà dáadáa bóyá wọn kò ti dín in kù. Èyí kì í ṣe àwàdà, nítorí àpò kan náà lè má gba ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, bí wọn kò bá kó o kún.

Mo ti dárúkọ ayìn àti emi. Àwọn tó ń sun èédú fẹ́ràn igi líle, nítorí èédú rẹ̀ wúwo, ó sì ń pẹ́ nínú àdògán. Ayìn wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Bí ayìn bá ń jìnnà, ọwọ́ wọn a dé ibi emi. Igi emi sì ni àwọn ìyá wa ti ń ṣa èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Ó ń gba igi emi tó ogún ọdún, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀, kí ó tó so èso tó dára. Nítorí náà, bí kẹrosíìnì bá wọ́n ní Ìbàdàn àti ní Èkó lónìí, obìnrin kan lẹ́bàá Ṣakí lè pàdánù òrí tí ì bá ṣe fún ogún ọdún tó ń bọ̀, kì í sì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ń lo kẹrosíìnì. Kódà, bí kẹrosíìnì bá padà wálẹ̀ lọ́la, igi tí wọ́n ti gé kò ní padà bá a wálẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé gáàsì kò ní gba gbogbo wa sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Gáàsì náà kò dúró lójú kan. Ní ọdún 2024, kílò márùn-ún ti kọjá ₦6,000. Mo mọ àwọn ilé tí sílíńdà wọn wà ní kọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ eruku, àdògán sì ti padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ kíyè sí i pé àwọn yẹn ti san owó alábàárìn náà, ó ti wà nílé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí gáàsì bá wálẹ̀ díẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ padà, wọn yóò sì padà kíákíá. Ẹni tí kò tíì ra sílíńdà rí yóò ṣì dúró. Ilé méjì wà lójú kan náà, owó gáàsì kan náà ni wọ́n ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n yóò gbà dáhùn sí i kò rí bákan náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ìgbìmọ̀ àjẹmọ́nú pé bí a bá fẹ́ ran àwọn òṣìṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́ lórí ohun ìdáná, kí á má ṣe fi owó kékeré lé owó oṣù kí á ní ó tán. Èédú ni wọn yóò fi owó yẹn rà, mi ò sì bá wọn wí. Kí á ya owó sílíńdà àti ojú iná fún wọn láti inú àpò àjọ wa, kí wọ́n máa san án padà díẹ̀díẹ̀ láàrin oṣù mẹ́wàá. Ẹni tó ń sanwó sílíńdà díẹ̀díẹ̀ lè wá fi gáàsì wé èédú bí ọjà pẹ̀lú ọjà.

Ní ti ọkùnrin tó ń tún sítóòfù ṣe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sùn lórí rẹ̀ mọ́. Ó gbé òwú sítóòfù díẹ̀ kọ́ sẹ́yìn, níwájú ni ó kó àdògán páànù sí ní ìlà kan, ó sì fi rọ́bà gáàsì àti ojú iná kọ́ sára ògiri ní ìlà kejì. Mo bi í pé èwo ló ń tà jù. Ó ní kí n sọ iye tí wọ́n ń ta gáàsì fún òun lọ́sẹ̀ yìí ná.